Abala Mẹ́rin, Ọdún Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Dáhùn Ìbéèrè Kúkúrú Lórí Ọ̀gbìn Àyípo, Irú Ilẹ̀ àti Irinṣẹ́ Oko

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ṣómólú mọ iṣu lórí àtẹ ní ọjà Oyíngbò, wọ́n mọ ẹ̀wà nínú kóńgò, wọ́n sì mọ gààrí ju ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe é lọ. Àdúgbò tí ilé ti fara kan ilé, tí àgbàlá kò fẹ̀ ju ibi tí a lè sá aṣọ sí lọ, kò lè fi gbòǹgbò àgbàdo han ọmọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ìbéèrè kúkúrú lórí ọ̀gbìn àyípo, irú ilẹ̀ tàbí irinṣẹ́ oko, ohun tí wọ́n há sórí ni wọ́n ń dà sílẹ̀: "ó ń mú kí ilẹ̀ lọ́ràá," "ó ń dín kòkòrò kù," "ilẹ̀ amọ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá." Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá nínú wọn, síbẹ̀ máàkì wọn kì í pé, nítorí pé ìbéèrè kúkúrú kì í sábà dúró lórí orúkọ nǹkan nìkan. Ó ń béèrè bí nǹkan náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó sì fẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tàbí méjì péré.

Mo fẹ́ mú ìbéèrè kan ṣoṣo nínú àwọn tí mo máa ń fún wọn, kí n sì tú u palẹ̀. Ìbéèrè náà sọ pé àgbẹ̀ kan ní Ìkòròdú ní abala ilẹ̀ mẹ́rin tó dọ́gba, ó sì fẹ́ máa gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà sórí wọn. Ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ sọ ohun tí ọ̀gbìn àyípo jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ó ya ètò ọ̀gbìn ọlọ́dún mẹ́rin fún àgbẹ̀ náà, kí ó sì ṣàlàyé àǹfààní méjì tí ètò náà ní. Ó wá mú irú ilẹ̀ mẹ́ta wá pẹ̀lú iye omi tó ṣàn gba inú wọn kọjá, ó ní kí ọmọ dá wọn mọ̀, kí ó sì yan èyí tó bá iṣu mu. Ní ìkẹyìn, ó béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín sípéèdì àti ṣọ́bìrì, àti ọ̀nà méjì tí a lè gbà tọ́jú ọkọ́.

Ìtumọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni máàkì ti ń kọ́kọ́ jò dànù. Ọ̀gbìn àyípo ni gbígbin oríṣiríṣi irúgbìn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn ní ètò tí a ti là kalẹ̀, lórí ilẹ̀ kan náà, láti ọdún dé ọdún. Ọmọ tó kọ "gbígbin oríṣiríṣi irúgbìn sí oko" kò tíì dáhùn, nítorí pé àgbẹ̀ tó da àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ lórí ebè kan náà ń gbin oríṣiríṣi irúgbìn pẹ̀lú, àmọ́ àgbìnpọ̀ ni ìyẹn. Bí ọmọ bá sì fi "lórí ilẹ̀ kan náà" sílẹ̀, kò sí ohun tó fi hàn pé kì í ṣe ti àgbẹ̀ tó ń pa ilẹ̀ tó ti rẹ̀ tì, tó sì ń ṣí lọ sí igbó mìíràn ni ó ń sọ. Ètò tó ní ìtẹ̀léra àti ilẹ̀ tí kò yí padà ni òpó méjèèjì tí ìtumọ̀ náà dúró lé.

Ètò ọlọ́dún mẹ́rin ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé bí irúgbìn mẹ́rin bá ti wà nínú àpótí mẹ́rin, iṣẹ́ ti parí. Ìlànà wà tí a fi ń tò wọ́n. Irúgbìn tó ń fa oúnjẹ púpọ̀ láti inú ilẹ̀ ni a máa ń gbìn nígbà tí ilẹ̀ ṣì lágbára. Irúgbìn ẹbí ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà nínú ìtẹ̀léra náà. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ jìn kò yẹ kó máa tẹ̀lé irú ara rẹ̀ léraléra. Àwọn tí wọ́n jọ ń fa oúnjẹ kan náà tàbí tí wọ́n jọ ní kòkòrò àti àrùn kan náà kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Bí a bá fi ìlànà wọ̀nyí wo irúgbìn mẹ́rin tí ìbéèrè wa dárúkọ, a ó rí i pé méjì nínú wọn, iṣu àti ẹ̀gẹ́, ló ń ta nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń fa potásíọ̀mù púpọ̀ láti fi wú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́. Ìtẹ̀léra yìí dára lójú: iṣu wà lórí ilẹ̀ tó ṣì lágbára, àgbàdo tẹ̀lé e, ẹ̀wà wá tún ilẹ̀ ṣe, ẹ̀gẹ́ tó lè fara da ilẹ̀ tó ti rẹ̀ ló sì kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àyípo ni, kì í ṣe ìlà tó ní òpin. Nígbà tí ọdún kẹrin bá parí, iṣu ni yóò padà wá sórí abala tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ẹ̀gẹ́ kúrò níbẹ̀, a ó sì ti fi irúgbìn tí ó nílò ilẹ̀ ọlọ́ràá jù lọ sórí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti fà gbẹ fún odidi ọdún kan. Ọmọ tó bá fẹ́ dá àṣìṣe yìí mọ̀ kò ní láti ṣe ju kí ó ka ètò rẹ̀ kọjá ọdún kẹrin, kí ó wo ohun tí ọdún karùn-ún yóò bá pàdé.

Bí iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò bá gbọ́dọ̀ kan ara wọn, nígbà tí irúgbìn jẹ́ mẹ́rin, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí wọ́n dojú kọ ara wọn nínú àyípo náà, kí àgbàdo wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀wà wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tó kù láti pinnu ni èwo nínú wọn ni yóò ṣáájú iṣu. Àgbàdo ń jẹ náítírójìn púpọ̀, ẹ̀wà sì ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Iṣu fẹ́ ilẹ̀ tó lágbára, ẹ̀gẹ́ sì lè mú èyí tó kù jẹ. Ẹ̀wà ló yẹ kó ṣáájú iṣu nígbà náà, kí àgbàdo sì ṣáájú ẹ̀gẹ́. Ìtẹ̀léra wa wá di iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, kí iṣu tó tún padà. Ètò náà nìyí:

| | Ọdún kìíní | Ọdún kejì | Ọdún kẹta | Ọdún kẹrin |
|---|---|---|---|---|
| Abala kìíní | iṣu | àgbàdo | ẹ̀gẹ́ | ẹ̀wà |
| Abala kejì | àgbàdo | ẹ̀gẹ́ | ẹ̀wà | iṣu |
| Abala kẹta | ẹ̀gẹ́ | ẹ̀wà | iṣu | àgbàdo |
| Abala kẹrin | ẹ̀wà | iṣu | àgbàdo | ẹ̀gẹ́ |

Ní ọdún kọ̀ọ̀kan, irúgbìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lóko, nítorí náà àgbẹ̀ náà kò ní ọdún tí kò ní rí iṣu jẹ tàbí ẹ̀wà tà. Lórí abala kọ̀ọ̀kan, irúgbìn kọ̀ọ̀kan fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdí nìyí tí iye abala fi gbọ́dọ̀ bá iye ọdún mu. Mo mọ̀ pé àgbàdo kì í lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, tí ẹ̀gẹ́ sì lè lo ọdún kan, àti pé àgbẹ̀ Ìkòròdú tó gbọ́n kò ní fi abala àgbàdo sílẹ̀ lásán nígbà tí òjò kejì bá dé. Síbẹ̀, ètò tí ìdánwò ń béèrè ka irúgbìn kan sí ọdún kan, kò sì yẹ kí ọmọ fi irúgbìn tí wọn kò dárúkọ kún un.

Àṣìṣe kan wà tó fara pamọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá to ètò rẹ̀ lọ́nà mìíràn, tí ó fi ọdún sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì fi abala sókè. Èyí kò burú rárá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń sún irúgbìn sí apá ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń lọ sí ìlà kejì, nígbà tó yẹ kí wọ́n sún un sí apá òsì. Gbogbo irúgbìn yóò ṣì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì wà lórí abala kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀léra náà ti yí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wò ó nínú ètò mìíràn tí ìdánwò fẹ́ràn, níbi tí ìsinmi ilẹ̀ ti gba ipò iṣu: ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ìsinmi. Ètò rere ni, nítorí pé àgbàdo bọ́ sórí náítírójìn tí ẹ̀wà fi sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ mú ìyókù, ilẹ̀ sì wá sinmi. Bí ọmọ bá sún un sódì, abala kìíní yóò di ẹ̀wà, ìsinmi, ẹ̀gẹ́, àgbàdo. Ẹ̀gẹ́ tó lè fara da ìyà ni yóò jẹ gbogbo oore tí ìsinmi ṣe, àgbàdo yóò sì bọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti fà gbẹ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìka tọ abala kan ṣoṣo láti ọdún kìíní dé ọdún kẹrin, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n bá pàdé sókè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ wà lórí abala, kò sí nínú ìlà ọdún.

Àlàyé àǹfààní ló kàn. Ìbéèrè náà sọ pé kí a ṣàlàyé, kò sọ pé kí a dárúkọ. Bí ó bá ní kí a dárúkọ, "ó ń pa ìlọ́ràá ilẹ̀ mọ́" ti tó. Nígbà tí àlàyé bá wọ̀ ọ́, a ní láti sọ ọ̀nà tí ilẹ̀ fi ń lọ́ràá. Ìdáhùn tí mo máa ń gba máàkì kíkún sí lọ báyìí: "Ẹ̀wà ní kókó lára gbòǹgbò rẹ̀, níbi tí bakitéríà ń gbé, bakitéríà yìí ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di èyí tí irúgbìn lè lò, nígbà tí gbòǹgbò àti ewé ẹ̀wà bá sì jẹrà sínú ilẹ̀, iṣu tó tẹ̀lé e yóò rí i lò." Gbólóhùn kan ni, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tí nǹkan náà wà, ẹni tó ń ṣe é, ohun tó ń ṣe, àti ẹni tó jàǹfààní.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ àkọ́sórí, a gbin ẹ̀wà sínú àwọn rọ́bà ọ̀dà tí a dá ihò sí nídìí, lẹ́yìn ilé tí a ti ń ṣe lẹ́sìn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, a kò fà wọ́n tu, nítorí pé kókó wọ̀nyí máa ń já sínú ilẹ̀ bí a bá fa igi ẹ̀wà pẹ̀lú agbára. A da rọ́bà dojú dé, a sì rọra fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú abọ́ omi. Kókó kéékèèké hàn lára gbòǹgbò, àwọn kan dá wà, àwọn kan so mọ́ ara wọn. Mo fi abẹ fẹ́lẹ́ la díẹ̀ nínú wọn sí méjì. Inú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Inú àwọn mìíràn funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé, ìwọ̀nyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kí iṣẹ́ wọn ti parí. Ọmọbìnrin kan wá béèrè pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn ló wú u báyìí?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà gidigidi, nítorí pé aràn tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní nẹmatóòdù máa ń mú kí gbòǹgbò wú lóòótọ́. Ìyàtọ̀ wọn ni pé kókó bakitéríà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, bí a bá sì fi àtàǹpàkò tì í, yóò ṣí kúrò. Ti aràn ni gbòǹgbò fúnra rẹ̀ tó wú, kò sì ṣeé ṣí láìjẹ́ pé a já gbòǹgbò náà.

Ibì kan wà tí ìwé kì í sábà tẹnu mọ́, tí mo sì fẹ́ kí ọmọ mọ̀. Ẹ̀wà kì í ṣàdédé fi náítírójìn sílẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀lé e. Púpọ̀ nínú èyí tó rí ló kó sínú èso tí a ká, ìyókù sì wà nínú ewé, igi àti gbòǹgbò. Àgbẹ̀ tó bá hú gbogbo rẹ̀ tu, tó sì kó ewé rẹ̀ lọ fún ewúrẹ́, kò fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ fún iṣu. Ìdí nìyí tí ìdáhùn tó ní "nígbà tí gbòǹgbò àti ewé bá jẹrà" fi péye ju èyí tó kàn sọ pé ẹ̀wà ń fi náítírójìn sínú ilẹ̀ lọ.

Àǹfààní kejì tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ni pé ọ̀gbìn àyípo ń dín kòkòrò, àrùn àti èpò kù. Níbí náà, àlàyé ni wọ́n ń béèrè. Àpẹẹrẹ tó mọ́ jù ni èpò afàmọ́ra tí wọ́n ń pè ní sítírígà, tó ń da àwọn àgbẹ̀ agbègbè ọ̀dàn láàmú. Irú èyí tó ń bá àgbàdo jà ń so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ti àgbàdo lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń fa oúnjẹ rẹ̀ mu. Èso rẹ̀ kì í hù àfi bí ó bá gbọ́ òórùn ohun tí gbòǹgbò kan ń tú jáde. Bí ẹ̀wà bá wà lórí ilẹ̀ náà, díẹ̀ nínú àwọn èso yìí yóò hù, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí gbòǹgbò ẹ̀wà so mọ́, wọn yóò sì kú. Bí ẹ̀gẹ́ àti iṣu bá sì wà níbẹ̀, kò sí oúnjẹ fún un. A lè kọ ìdáhùn náà báyìí: "Kòkòrò tàbí èpò tó ń gbé ara irúgbìn kan kò ní rí oúnjẹ nígbà tí a bá fi irúgbìn mìíràn rọ́pò rẹ̀, iye rẹ̀ yóò sì dínkù nínú ilẹ̀." Mo kọ "dínkù" níbẹ̀, n kò kọ "tán," nítorí pé èso sítírígà lè wà láàyè nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, àyípo ọlọ́dún mẹ́rin kò sì lè pa gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni tata, tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, tó ń jẹ ẹ̀wà, tó sì ń fò láti abala kan sí èkejì, kò ní ka àyípo sí. Ọmọ tó bá fi tata ṣe àpẹẹrẹ kòkòrò tí ọ̀gbìn àyípo ń ṣẹ́gun ti yan àpẹẹrẹ tó tako ohun tó ń sọ.

Ní ti ilẹ̀, ìbéèrè wa sọ pé a kó irú ilẹ̀ mẹ́ta tó ti gbẹ, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, sínú àrọ mẹ́ta tí a fi òwú dí ìdí wọn, a sì da omi mílílítà 50 sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àkókò kan náà, mílílítà 42 ti kán jáde nínú A, 30 nínú B, àti 15 nínú D. Yanrìn ni A, lóòmù, ìyẹn ilẹ̀ tí yanrìn àti amọ̀ dà pọ̀ nínú rẹ̀, ni B, amọ̀ sì ni D. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rí ìyẹn. Bí ìbéèrè bá wá béèrè iye omi tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan dì mú, wọn a kọ 42, 30 àti 15 padà, láìrántí pé èyí tó jáde ni a wọ̀n. Èyí tí ilẹ̀ dì mú ni 50 tí a yọ èyí tó jáde kúrò nínú rẹ̀: mílílítà 8 fún yanrìn, 20 fún lóòmù, 35 fún amọ̀. Wọ́n tún máa ń béèrè ìdí tí ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gbẹ ṣáájú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti tutù tẹ́lẹ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ ti gba ààyè, èyí tí a dà sí i yóò sì tètè jáde, tí yóò fi dà bíi pé ilẹ̀ náà kò lè di omi mú.

Ìdí tí amọ̀ fi ń di omi mú ni ibi tí àlàyé ti ń ṣìnà jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àwọn àgbà kan pẹ̀lú, máa ń kọ pé amọ̀ kò ní ààyè púpọ̀ nínú. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Bí a bá ṣe àròpọ̀ gbogbo ààyè tó wà láàárín hóró amọ̀, ó sábà máa ń pọ̀ ju ti yanrìn lọ. Ṣùgbọ́n ààyè kọ̀ọ̀kan kéré gan-an, nítorí pé hóró amọ̀ kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà ní ìbú. Omi ń lẹ̀ mọ́ ara hóró wọ̀nyí, kò sì rọrùn fún un láti kọjá. Hóró yanrìn tóbi, ààyè àárín wọn fẹ̀, omi sì ń gba ibẹ̀ lọ wéréwéré. Ìdáhùn tó tọ́ ni kí a sọ pé ààyè inú amọ̀ kéré ní ìwọ̀n, kí a má sọ pé kò pọ̀ ní iye. Bí ìbéèrè bá sì ní kí a fi ilẹ̀ méjì wé ara wọn, ilẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn náà: "Omi ń yára kọjá nínú yanrìn ju nínú amọ̀ lọ, nítorí pé ààyè inú yanrìn tóbi ju ti amọ̀."

Ní Ṣómólú, a kò ní láti lọ jìnnà kí ọwọ́ wa tó ba ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yanrìn ọ̀sà wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, a ra amọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń mọ ìkòkò, a sì wa ilẹ̀ dúdú lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú ọgbà, níbi tí ewé ti ń jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n sì gbìyànjú láti yí i gbọọrọ. Yanrìn túká lọ́wọ́ wọn. Lóòmù gbà láti yí, ṣùgbọ́n ó sán nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́bọ́tọ́. Amọ̀ yí, ó tẹ̀, ó sì di òrùka láìsán. Ẹni tó bá ti ṣe èyí kò ní láti há a sórí pé amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Lóòmù ni iṣu fẹ́, ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣu gan-an. Iṣu ń wú sísàlẹ̀, ó sì nílò ilẹ̀ tó rọ̀ tí kò ní há a mọ́. Nínú amọ̀, iṣu á wọ́, omi tó bá dúró lè mú un jẹrà, wíwa rẹ̀ á sì nira nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ gan-an. Nínú yanrìn, omi àti oúnjẹ ń ṣàn kọjá gbòǹgbò rẹ̀ kó tó rí wọn mu. Ọmọ tó kọ pé "lóòmù dára nítorí pé ó lọ́ràá" ti sọ ohun tó lè bá àgbàdo, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ mu lọ́nà kan náà, kò sì tíì dáhùn ìbéèrè nípa iṣu.

Irinṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó máa ń da ọmọ Èkó láàmú. Gbogbo àdúgbò wa ni wọ́n ti ń kọ́lé, ṣọ́bìrì sì ni irinṣẹ́ tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́, tí wọ́n fi ń po kọnkéré, tí wọ́n sì fi ń bu yanrìn sínú báárò. Nígbà tí àwòrán sípéèdì bá wà níwájú rẹ̀, ṣọ́bìrì ni ó máa ń kọ. Kí ó wo ojú irin náà: ti sípéèdì tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì gún régé, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀ láti fi wa ilẹ̀ àti láti yí i padà. Ti ṣọ́bìrì jinnú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ká sókè, nítorí pé kíkó ni iṣẹ́ rẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran má baà dà sílẹ̀. Bí ìrísí bá ti so mọ́ iṣẹ́ báyìí nínú ìdáhùn, ìyàtọ̀ náà ti pé.

Nípa títọ́jú ọkọ́, ìdáhùn tí mo máa ń rí jù ni "kí a fọ̀ ọ́, kí a nù ún, kí a jẹ́ kó mọ́." Ìmọ́tótó kan ṣoṣo ni a fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ, máàkì kan péré ni mo sì lè fún un nínú méjì. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra gbọ́dọ̀ ní ìdí méjì tó yàtọ̀ síra. Èkíní ni pé kí a fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára irin rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi epo pa á, nítorí pé omi àti afẹ́fẹ́ ló ń jọ mú irin dípàtà, epo kò sì ní jẹ́ kí wọ́n kan án. Èkejì wà fún ẹ̀rúkọ́ tó jẹ́ igi: kí a gbé ọkọ́ náà kọ́ síbi gbígbẹ, kí ó má kan ilẹ̀, kí ikán má baà jẹ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀, kí òjò àti oòrùn má sì mú kó là. Ẹni tó bá fẹ́ fi ti ojú irin kún un lè kọ pé kí a máa fi fáìlì pọ́n ọn nígbà tó bá kú, ṣùgbọ́n méjì ni ìbéèrè wa béèrè, méjì yìí náà ni kí ó kọ.